Ìwé ìdíyelé góòlù àti iyùn fún ìnṣọ́ránsì: ìgbà tó pọn dandan, àti ìgbà tó yẹ ká tún un ṣe

Ẹni tó ní góòlù, iyùn tàbí òkúta iyebíye nílé, ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀, tó sì ń san owó ìnṣọ́ránsì lé e lórí, la kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí fún. Ìwé ìdíyelé tí à ń sọ ni ìwé tí ẹni tó mọ ohun ọ̀ṣọ́ fọwọ́ sí, tó ṣàpèjúwe ohun náà, tó sì sọ iye tí yóò náni láti rà á padà.

Ìgbà wo gan-an ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń béèrè ìwé ìdíyelé?

Ìwé ìnṣọ́ránsì ẹrù ilé ni ká kọ́kọ́ wò, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, ìlà méjì wà tí àwọn èèyàn kì í kà. Èkíní sọ pé ẹyọ ohun kan kò ní ju 5 nínú 100 iye gbogbo ẹrù ilé lọ, àfi bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Èkejì sọ pé gbogbo góòlù, fàdákà àti ohun ọ̀ṣọ́ lápapọ̀ kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye ẹrù ilé lọ. Nọ́ńbà inú ìwé tiyín lè yàtọ̀ sí èyí, nítorí náà ẹ ṣí i, kí ẹ wá ìlà náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ká ní ẹ kọ ẹrù ilé yín sí mílíọ̀nù 20 náírà. Ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan. Ní oṣù Kẹwàá 2025, gíráàmù kan góòlù 22 kárátì wà ní nǹkan bí 173,000 náírà, ká tó ka owó iṣẹ́ ọwọ́. Tí a bá fi owó iṣẹ́ ọwọ́ kún un, gíráàmù márùn-ún péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan náà. Gíráàmù márùn-ún ò ju òrùka kan tó nípọn díẹ̀ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ṣéènì tàbí bángù gidi kan, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ti kọjá ààlà. Bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé ìdíyelé, mílíọ̀nù kan ni wọ́n máa kà á sí, kódà bó bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ lẹ máa fi rà á padà.

Ohun tó bá ti kọjá ààlà yẹn ló nílò ìwé. Ohun tí a jogún náà nílò rẹ̀, torí kò ní rìsíìtì. Ohun tí òkúta wà lára rẹ̀ nílò rẹ̀, torí òṣùwọ̀n nìkan kò lè sọ iye òkúta. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn nílò rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, a ó sì padà sórí rẹ̀. Yẹtí kéékèèké tí kò tó ààlà kò nílò ìwé ìdíyelé. Fọ́tò àti ìwọ̀n rẹ̀ tí ẹ kọ síbì kan ti tó.

Rìsíìtì tí mo fi rà á wà lọ́wọ́. Ṣé kò tó?

Ó lè tó fún ọdún àkọ́kọ́, bí wọ́n bá kọ ìwọ̀n àti kárátì sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Rìsíìtì tó kún ọwọ́ wa jù ni èyí tí wọ́n kọ “1 set góòlù Sáúdí” sí, pẹ̀lú iye owó nísàlẹ̀. Góòlù Sáúdí, góòlù Dùbáì, góòlù Ìtálì, orúkọ ọjà ni gbogbo wọn, wọn kì í ṣe kárátì. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Sáúdí jẹ́ 21 kárátì, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìtálì sì jẹ́ 18, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń fi orúkọ kan náà ta ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í ta èyí tí a kàn fi omi góòlù pa lára. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò lè fi orúkọ ọjà ṣírò nǹkan kan.

Bí ẹ bá ṣì wà níwájú ẹni tó ń tà á fún yín, ẹ ní kó kọ ìwọ̀n ní gíráàmù, kárátì, nọ́ńbà òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀, àti owó iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀. Ìlà mẹ́rin yẹn sọ rìsíìtì di ẹ̀rí gidi. Bí ọdún kan bá ti kọjá, iye tó wà lórí rẹ̀ kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àti kárátì rẹ̀ ṣì wúlò, yóò sì dín iṣẹ́ olùdíyelé kù.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún péré ni mo ń wọ̀ ọ́, lọ́jọ́ ọdún Ìwúdè tàbí lọ́jọ́ ìnáwó. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé pàtàkì ṣe?

Ọjọ́ kan yẹn gan-an ni ewu pọ̀ jù. Ìnṣọ́ránsì ẹrù ilé, inú ilé ló ń dáàbò bo ẹrù. Ní kété tí ṣéènì bá ti bá yín jáde lọ sí Ìwúdè Ìjẹ̀ṣà, tàbí sí ìgbéyàwó ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yẹn kò tẹ̀ lé e mọ́. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni irú ìnṣọ́ránsì kejì tó ń gba gbogbo ewu, nílé àti lóde. Irú èyí kì í gba “góòlù díẹ̀díẹ̀”. Ó ń fẹ́ kí ẹ ka ohun ọ̀ṣọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù ní iye tirẹ̀, kí ìwé ìdíyelé sì wà lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ béèrè ohun méjì kí ẹ tó san owó rẹ̀: ṣé ó gba olè inú ọkọ̀, àti pé ṣé ó gba ohun tó ṣàdédé sọnù láìsí olè? Ìdáhùn sí èkejì máa ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni yẹtí tó bọ́ sílẹ̀ níbi ijó pọ̀ ju yẹtí tí olè jí lọ.

Iye wo ni ìwé náà ń sọ? Alágbẹ̀dẹ góòlù kan sọ iye kan, òmíràn sọ èyí tó fi ìlọ́po jù ú lọ.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì sọ òótọ́, nítorí pé ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn kò dọ́gba. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ iye tí òun máa fi rà á lọ́wọ́ yín kí òun lè yọ́ ọ. Kò ní ka owó iṣẹ́ ọwọ́, yóò sì yọ èrè tirẹ̀ kúrò. Ẹnì kejì ń sọ iye tí ẹ máa san bí ẹ bá fẹ́ kí òun ṣe irú rẹ̀ tuntun fún yín. Iye kejì yìí ni ìnṣọ́ránsì ń wá, èyíinì ni owó àtirà padà.

Nítorí náà, kí olùdíyelé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ sọ fún un pé ti ìnṣọ́ránsì ni, kí ó sì kọ ọ́ sókè ìwé pé “iye àtirà padà, fún ìnṣọ́ránsì”. A ti rí ìwé tó mọ́ tónítóní tí ilé-iṣẹ́ dá padà nítorí pé kò sí ìlà kan yẹn nínú rẹ̀. Ìwé tí a ṣe fún pínpín ogún tàbí fún títa kò ṣeé lò fún èyí. Iye rẹ̀ máa ń kéré jù, ẹ̀yin lẹ ó sì ru àdánù rẹ̀.

Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìdíyelé tó pé?

Orúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ìdí tí wọ́n fi ṣe é, orúkọ, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lùwé olùdíyelé. Ìyẹn ò le. Ibi tí ìwé ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́ ni àpèjúwe ohun ọ̀ṣọ́ náà, torí náà ẹ jẹ́ ká lọ síbi òṣùwọ̀n.

Ká ní bángù kan ló wà níwájú wa. Olùdíyelé á kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, torí ìpara àti ẹrẹ̀ inú ihò ọnà náà ní ìwọ̀n. Á gbé e sórí òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, á kọ ohun tó rí: 25.04. Á fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wo inú rẹ̀ fún òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ 916 jẹ́ 22 kárátì, 875 jẹ́ 21, 750 jẹ́ 18, 375 jẹ́ 9. Òǹtẹ̀ nìkan kò tó, ẹnikẹ́ni ló lè lù ú sára irin. Ó gbọ́dọ̀ fi bángù náà gé ìlà sára òkúta dúdú ìdánwò, kó kán ásíìdì sí i, kó sì fi wé ìlà góòlù tó ti mọ kárátì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó gé ìlà yìí níbi tí ìlò ti máa ń jẹ ẹ́, ní etí tàbí níbi ìdè, torí omi góòlù tí wọ́n pa lé bàbà á ti ṣí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ka góòlù dára, kì í ha ohun ọ̀ṣọ́ lára, ṣùgbọ́n òkè nìkan ló ń kà. Bí omi góòlù tí wọ́n pa sí i bá nípọn, ó lè tan ẹ̀rọ náà jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn fífẹ̀ bángù náà àti ìlà àárín rẹ̀ ní mìlímítà, á sọ bóyá ó dì nínú tàbí ó ṣófo, á sì ya á ní fọ́tò nígbà tó ṣì wà lórí òṣùwọ̀n, kí nọ́ńbà náà hàn nínú fọ́tò.

Bí òkúta bá wà lára rẹ̀, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n góòlù. Òkúta tó jẹ́ kárátì kan, ìyẹn kárátì tí wọ́n fi ń wọn òkúta, kì í ṣe ti góòlù, wọn ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù, àmọ́ àwọn òkúta dígí ńláńlá ti inú ẹ̀gbà ọrùn lè wọn gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí wọ́n bá ṣírò wọn bíi góòlù, owó ìnṣọ́ránsì lórí dígí lẹ ó máa san lọ́dọọdún. Àwọn yẹtí kan tún wà tó ṣófo tí wọ́n fi ìda kún inú rẹ̀, àṣìṣe kan náà ni. Olùdíyelé gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n méjì: ti gbogbo rẹ̀, àti ti góòlù nìkan. Ti dáyámọ́ńdì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi dán an wò kò yọ òkúta kan tí wọ́n ń pè ní móísánáìtì kúrò. Ó ń pè é ní dáyámọ́ńdì. Dáyámọ́ńdì tó bá tóbi nílò kó wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ òkúta gan-an.

Ohun ìkẹyìn nínú ìwé ni ìṣirò: iye gíráàmù kan lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tí ó gba iye yẹn, àti iye tó kà fún iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé tó kàn sọ pé “mílíọ̀nù márùn-ún” láìfi ìṣirò hàn kò ṣeé tún ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì ni ìbéèrè tó kàn.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ kí a máa tún un ṣe?

Apá méjì ni ìwé ìdíyelé ní, apá méjèèjì kò sì jọ ń gbó. Àpèjúwe kì í gbó kíákíá: bángù gíráàmù 25 ṣì jẹ́ gíráàmù 25 lọ́dún mẹ́ta sí i, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí ìlò bá jẹ. Iye owó ló ń gbó, ní Nàìjíríà sì rèé, ó máa ń gbó kí ọdún tó yí po. Nítorí náà ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùdíyelé tún wo ohun ọ̀ṣọ́ náà fúnra rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì tún iye owó rẹ̀ ṣírò ní ọdọọdún, bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì yín máa parí. Bí iye gíráàmù bá fò sókè ju ìdá 15 nínú 100 lọ láàárín ọdún, ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ìlú tí owó wọn dúró ṣinṣin ń sọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Fún dọ́là tàbí pọ́n-ùn, ìyẹn lè mọ́gbọ́n wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun méjì ló ti iye góòlù sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Góòlù fúnra rẹ̀ wọ́n sí i ní dọ́là: ó kọjá 3,000 dọ́là lórí áúǹsì kan ní oṣù Kẹta 2025, ó sì kọjá 4,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Náírà sì já sílẹ̀: láti ìgbà tí wọ́n ti tú owó náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kúrò ní bíi 460 sí 470 náírà, ó kọjá 1,400.

Ẹ wo ìṣirò kan. Ìyá kan ní Iléṣà ní ṣéènì gíráàmù 40, bángù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ gíráàmù 25, àti yẹtí gíráàmù 10, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 22 kárátì. Gíráàmù 100 ni lápapọ̀. Ní oṣù Kìíní 2021, áúǹsì góòlù kan wà ní bíi 1,850 dọ́là. Áúǹsì góòlù jẹ́ gíráàmù 31.1, nítorí náà gíráàmù kan góòlù pọ́ńbélé tó dọ́là 59 àti ààbọ̀. Tí a bá fi 0.916 ti 22 kárátì pọ̀ ọ́n, tí a sì fi dọ́là kan sí bíi 390 náírà ti ọjà ìjọba nígbà náà, ó jẹ́ bíi 21,000 náírà. Ká fi owó iṣẹ́ ọwọ́ sí ìdá 15 nínú 100. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,415,000 náírà, ìyẹn ni olùdíyelé kọ, ìyẹn ni ìyá sì fi sínú ìwé ìnṣọ́ránsì.

Ní oṣù Kẹwàá 2025, áúǹsì kan jẹ́ 4,000 dọ́là, dọ́là kan sì wà ní bíi 1,470. Ọ̀nà ìṣirò kan náà mú 173,000 náírà wá fún gíráàmù kan. Góòlù kan náà, tí kò fi gíráàmù kan lé e, ti di 19,895,000. Ìwé ọdún 2021 ń gbé ìdá 12 péré nínú 100 rẹ̀.

Bí iye inú ìwé bá kéré, ṣé wọn kò ní san iye tó wà nínú rẹ̀ fún mi lódindi?

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè san 2,415,000 yẹn, ẹ ó sì wá mílíọ̀nù 17 mìíràn láti rà á padà. Àmọ́ òfò kì í sábà kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bángù kan ló máa ń bọ́, tàbí ṣéènì tó já. Ibẹ̀ ni ìlà tó ń pín òfò ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì, ó sì sọ pé bí ẹ bá kọ iye tó kéré sí òtítọ́, ìwọ̀nba tí ẹ kọ náà ni wọn yóò fi pín òfò yín.

Ká padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Nínú ìwé 2021, bángù méjèèjì jọ jẹ́ ohun kan, tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,207,500. Ọ̀kan sọnù. Ó rò pé, ní tòun, 1,207,500 ni òun ní lórí bángù, bẹ́ẹ̀ bángù kan ló sọnù, wọn yóò san gbogbo rẹ̀ tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ máa gbà ṣírò rẹ̀ nìyí. Bángù méjèèjì tó 9,947,500 ní oṣù Kẹwàá 2025, ohun tó kọ jẹ́ 1,207,500, ìyẹn ìdá 12 lé díẹ̀ nínú 100. Òfò bángù kan jẹ́ 4,973,750. Wọ́n á mú ìdá 12 lé díẹ̀ náà nínú rẹ̀, ó jẹ́ 603,750 náírà. Ó ti san owó ìnṣọ́ránsì ọdún márùn-ún, owó tó gbà kò tó gíráàmù mẹ́rin góòlù.

Ó dùn wá gan-an nígbàkúùgbà tí a bá rí irú èyí, torí ilé-iṣẹ́ náà kò yan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tó wà nínú ìwé ló ṣe. Ìṣirò ogún ìṣẹ́jú lọ́dún kan ló máa dáàbò bo ìyá náà.

Báwo ni mo ṣe lè tún iye owó rẹ̀ ṣírò fúnra mi?

Bí àpèjúwe bá pé, kò le. Ẹ mú ìwọ̀n góòlù nìkan láti inú ìwé, kí ẹ béèrè iye gíráàmù kan kárátì yẹn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ góòlù méjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sọ pé rírà ni ẹ fẹ́ rà, kì í ṣe títà, torí iye méjèèjì kò dọ́gba. Ẹ fi wé iye tí ìṣirò àgbáyé ń fúnni: iye áúǹsì kan ní dọ́là, ẹ pín in sí 31.1, ẹ fi kárátì pọ̀ ọ́n (0.916 fún 22, 0.875 fún 21, 0.75 fún 18), ẹ fi iye dọ́là ní náírà pọ̀ ọ́n. Bí ohun tí wọ́n sọ fún yín bá jìnnà sí èyí ju ìdá 10 nínú 100 lọ, ẹ wá ẹnì kẹta. Ẹ fi owó iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ìwé kún un.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé iye náà sókè, kí ẹ sì so ìṣirò yín mọ́ ìwé ìdíyelé tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa gba èyí fún ọdún kejì àti ọdún kẹta. Wọ́n á béèrè àfikún owó. Ẹ san án, kí ẹ sì dúró títí ìwé àfikún yóò fi dé ọwọ́ yín. Ìlérí orí fóònù kò dáàbò bo nǹkan kan. Ní Nàìjíríà, bí a kò bá tíì san owó, kò tíì sí ìnṣọ́ránsì.

Ṣé mi ò wá kúkú ní kó kọ iye tó ga gan-an, kí ọkàn mi lè balẹ̀?

Rárá. Ilé-iṣẹ́ kò ní san ju owó tí yóò rà á padà lọ. Bí ẹ bá kọ mílíọ̀nù 30 fún ohun tó jẹ́ 20, owó ìnṣọ́ránsì lórí mílíọ̀nù 30 lẹ ó máa san, mílíọ̀nù 20 náà ni wọ́n sì máa san fún yín. Ohun tó yàtọ̀ ni irú ìnṣọ́ránsì tí ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ jọ fẹnu kò sí iye kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, á wà nínú ìwé kedere.

Ìdí rèé tí kò fi dára kí olùdíyelé máa gba ìdá kan nínú iye tó bá kọ. Bí iye bá ṣe ga tó ni owó tirẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ bá a dúnàádúrà lórí iye ohun tó máa wò, kì í ṣe lórí iye tí ohun náà tó.

Iyùn àti sẹ̀gi ńkọ́? Kò sí iye gíráàmù fún wọn.

Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ìwé wọn fi ṣe pàtàkì jù. Góòlù, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣírò bó bá mọ ìwọ̀n. Iyùn, iye rẹ̀ wà nínú àwọ̀ rẹ̀, bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó, bí wọ́n ṣe bára mu tó, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó wọn bákan náà, ọ̀kan lè fi ìlọ́po mẹ́wàá jùkejì.

Àpèjúwe iyùn gbọ́dọ̀ ní iye okùn, iye hóró lórí okùn kọ̀ọ̀kan, gígùn, ìlà àárín hóró tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù ní mìlímítà, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀, àti fọ́tò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Olùdíyelé gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe mọ̀ pé iyùn ni. Iyùn gidi máa ń tutù lọ́wọ́, ó wúwo ju rọ́bà lọ, awò ìlọ́po mẹ́wàá sì máa fi àwọn ìlà tínńrín tó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn hàn lára rẹ̀. Iyùn tí wọ́n pa láró máa ń kó àró sí òwú tí a fi ásítónì rìn, inú ihò rẹ̀ sì máa ń pọ́n ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì dán an wò. Irú èròjà tó wà nínú ìkarawun ló wà nínú iyùn, ásíìdì ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkarawun lásán náà máa hó bíi tirẹ̀, nítorí náà ẹ ó ba ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ láìmọ nǹkan kan.

Sẹ̀gi àtijọ́ jẹ́ dígí, ìlú Ifẹ̀ sì mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa: ní Igbó Olókun ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀rí pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ fúnra wọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15. Irú rẹ̀ kan máa ń jẹ́ búlúù bó bá wà lórí àtẹ́lẹwọ́, á wá di àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ bí ẹ bá gbé e sókè sí oòrùn. Kí olùdíyelé kọ àwọ̀ méjèèjì sílẹ̀, kó sì ya fọ́tò méjì.

Fún iyùn àti sẹ̀gi, ẹni tó ń tà wọ́n ló mọ iye wọn, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ góòlù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ṣáájú bóyá wọ́n máa gba ìwé ẹni náà. Kí wọ́n tún un wò ní ọdún méjì méjì. Ẹ tún okùn rẹ̀ sín kó tó gbó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì kì í san òfò tí gbígbó okùn fà, ìlẹ̀kẹ̀ tó já sójú agbo sì lè má padà pé.

Ìlú tí wúrà ti ń jáde là ń gbé. Ṣé iye rẹ̀ kò ní dínkù lọ́dọ̀ wa?

Ìtagúnmódì àti Ìperíndó kò jìnnà sí wa lóòótọ́, ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá sì ti ń da wúrà láti oṣù Keje 2021. Ṣùgbọ́n wúrà tí wọ́n wà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, iye àgbáyé ni wọ́n sì ń tà á. Ìwé ìdíyelé tó bá fi iye “góòlù àdúgbò” ṣírò yóò kéré jù, ilé-iṣẹ́ sì lè dá a padà.

Mo yọ́ ṣéènì tó ti gbó, mo fi ṣe bángù. Ṣé ìwé àtijọ́ ṣì dúró?

Kò dúró mọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ti kúrò láyé. Bákan náà ni bí ẹ bá gé ṣéènì kúrú, pààrọ̀ òkúta, tàbí pín ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n wọn ohun tuntun náà kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kí ẹ sì fi tó ilé-iṣẹ́ létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.

Níbo ni kí n tọ́jú ìwé náà sí, kí ni mo sì máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ òfò?

Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tí góòlù wà, torí olè á gbé méjèèjì lọ, iná á jó méjèèjì. Ẹ̀dà kan yẹ kó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tí ẹ kò jọ gbé ilé kan náà.

Ìwé ìdíyelé ń sọ iye rẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Nítorí náà ẹ fi fọ́tò tí ẹ ti wọ̀ ọ́ kún un, èyí tó ní ọjọ́ lára, àti rìsíìtì bó bá wà. Fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó tí ọrùn àti ọwọ́ hàn dáadáa dára ju èyí tí gèlè àti ìborùn bo gbogbo rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ olè, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì rí i pé ìwọ̀n, kárátì àti òǹtẹ̀ tó wà nínú ìwé ìdíyelé ni wọ́n kọ sínú ìwé tiwọn, lọ́rọ̀ kan náà. Bí ìwé ọlọ́pàá bá sọ pé “ṣéènì kan”, tí ìwé ìdíyelé sì sọ pé “ṣéènì 22 kárátì, gíráàmù 40.12”, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e lè gba oṣù púpọ̀.